Gbólóhùn Kan, Èdè Méjì: Ìdí Tí Ẹ̀rọ Fi Ń Ṣi Ọ̀rọ̀ Wa Gbọ́

Ẹ wo gbólóhùn yìí, irú èyí tí à ń gbọ́ lórí Wasáàpù lójoojúmọ́: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tiráńsífà owó sí akáǹtì tuntun tí mo sẹ́ǹdì lánàá, nẹ́tíwọ̀kì ò jẹ́ kí àlẹ́ẹ̀tì wọlé." Kò sí ọmọ Ìbàdàn tàbí ará Èkó tí ọ̀rọ̀ yìí máa rú lójú. Ọ̀rọ̀ ogún ni gbogbo rẹ̀, márùn-ún nínú wọn wá láti inú Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó sì sọ ọ́ kò tilẹ̀ fura pé òun ti inú èdè kan bọ́ sínú òmíràn. Ṣùgbọ́n ẹ gbé ohùn náà fún ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sọ fún un pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ. Irú nǹkan báyìí ló máa ń kọ jáde:

```
A job, a bami transfer over see account to too timo send Lana
```

Bí ẹ bá sì sọ fún un pé Yorùbá ni, ó lè gbọ́ "ẹ bá mi" àti "lánàá" dáadáa, àmọ́ tó bá dé ibi "tiráńsífà" àti "àlẹ́ẹ̀tì," á bẹ̀rẹ̀ sí í já ègé ọ̀rọ̀ pọ̀ tí kò nítumọ̀, tàbí kó fo ibẹ̀ kọjá bíi pé ẹnikẹ́ni ò sọ nǹkan kan. Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ márùn-ún tó ń sọnù yẹn: tiráńsífà, akáǹtì, sẹ́ǹdì, nẹ́tíwọ̀kì, àlẹ́ẹ̀tì. Inú wọn gan-an ni iṣẹ́ tí ẹni náà ń rán wà. Ibi tí èdè méjèèjì ti pàdé ni ẹ̀rọ ti ń ṣubú, ibẹ̀ náà sì ni àwa Yorùbá òde òní máa ń fi kókó ọ̀rọ̀ wa sí. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ ká wo ibi ìpàdé yẹn dáadáa, ká sì mọ ohun tí èèyàn lè ṣe sí i.

Bí ẹ̀rọ náà ṣe ń gbọ́

Ẹ jẹ́ ká máa pe irú ẹ̀rọ yìí ní agbọ́rọ̀kọ. Èyí tí mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ ni Whisper, tí iléeṣẹ́ OpenAI gbé jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, torí pé ọ̀fẹ́ ni, ẹnikẹ́ni ló lè gbà á sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, àwọn tó kọ́ ọ sì sọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ fún gbogbo ayé.

Nǹkan àkọ́kọ́ tó ń ṣe ni pé ó ń sọ ohùn di nọ́ńbà. Ìgbà 16,000 ló ń wọn bí ohùn ṣe ń mi afẹ́fẹ́ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Á wá yí nọ́ńbà wọ̀nyí padà sí irú àwòrán kan tó ń fi hàn bí ohùn náà ṣe lágbára tó nísàlẹ̀, láàárín àti lókè, láti ìgbà dé ìgbà. Ìṣẹ́jú àáyá 30 ló ń gbé wò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Títí débí, kò sí ọ̀rọ̀ èdè nínú rẹ̀ rárá.

Ìgbà tó bá fẹ́ kọ̀wé ni ọ̀rọ̀ èdè dé. Agbọ́rọ̀kọ yìí kì í gbọ́ odindi ọ̀rọ̀ kó tó kọ ọ́. Ègé ègé ló ń kọ, ní gbogbo ìgbà tó bá sì fẹ́ kọ ègé kan, ohun méjì ló ń gbé yẹ̀ wò pọ̀: ìró tó wà nínú àwòrán yẹn, àti ohun tó ti kọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ń wo ohun tó sábà máa ń tẹ̀ lé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Tó bá ti kọ "ẹ bá mi," àwọn ọ̀rọ̀ tó ti rí lẹ́yìn "ẹ bá mi" rí, bíi "gbé," "ra," "wá," ni ọkàn rẹ̀ á lọ sí. Ìró "tiráńsífà" lè wà níwájú rẹ̀ gbangba, kó má gbà á gbọ́, nítorí pé nínú ohun tó kọ́, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í sábà jókòó síbẹ̀.

Ohun mìíràn tún wà níwájú gbogbo ìyẹn. Kó tó kọ ọ̀rọ̀ kankan, Whisper gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ àmì èdè sílẹ̀: `<|yo|>` fún Yorùbá, `<|en|>` fún Gẹ̀ẹ́sì. Àmì kan ṣoṣo ló ń gbà. Kò sí èyí tó wà fún Yorùbá tí Gẹ̀ẹ́sì wà nínú rẹ̀. Bí ẹ kò bá fi ẹnu yín yan èdè, ìṣẹ́jú àáyá 30 àkọ́kọ́ ló máa fi pinnu, ìpinnu yẹn ló sì máa lò títí fáìlì náà á fi tán. Ẹni tó bá fi Gẹ̀ẹ́sì kí àwọn èèyàn ní ìbẹ̀rẹ̀ ìpàdé, tó wá fi Yorùbá ṣe ìyókù, lè rí i pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ odindi wákàtí kan tẹ̀ lé e.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ohun tó jáde máa ń dùn ún kà: Gẹ̀ẹ́sì tó dán mọ́rán, tó sì sún mọ́ ohun tí ẹni náà sọ. Èyí ni mo kà sí ewu jù lọ. Ẹ̀rọ náà kò kọ ohun tó gbọ́ sílẹ̀, ó túmọ̀ rẹ̀ ni. Nínú wákàtí 680,000 tí wọ́n fi kọ́ Whisper, nǹkan bíi wákàtí 125,000 jẹ́ ohùn èdè mìíràn tí wọ́n kọ Gẹ̀ẹ́sì sí lábẹ́, torí náà ó ti mọ iṣẹ́ ògbufọ̀ dáadáa. Ẹni tó bá ń kọ ẹ̀rí tàbí àdéhùn sílẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún èyí, torí pé gbólóhùn tó bágbà mu kì í jẹ́ kéèyàn fura.

Ahọ́n tí ẹ̀rọ kò tíì gbọ́ rí

Ká tilẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì pọ́ńbélé lẹnì kan ń sọ, tí kò da Yorùbá kankan pọ̀ mọ́ ọn, ahọ́n tó fi ń sọ ọ́ ṣì lè da ẹ̀rọ láàmú. Yorùbá kò ní ìró v, kò ní z, kò sì ní ìró tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì máa ń ki ahọ́n sáàárín eyín pè. Ẹni tí Yorùbá jẹ́ èdè àbínibí rẹ̀ lè pe v bíi f, kó pe z bíi s, kó sì fi t tàbí d rọ́pò èyí tó kù. Fáwẹ̀lì Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ ju tiwa lọ, nítorí náà méjì nínú tiwọn lè di ẹyọ kan lẹ́nu wa. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún jókòó àti ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ìjókòó, bákan náà ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń pè wọ́n. Ẹni tó dàgbà ní ìgboro Ìbàdàn lè pe ṣ bíi s, kó sì gbé e bẹ́ẹ̀ wọ inú Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀.

Ibi tí mo fẹ́ ká dúró sí díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ owó, torí pé ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń dunni. Gẹ̀ẹ́sì la sábà fi ń ka iye owó, kódà láàárín ọ̀rọ̀ Yorùbá. Ẹ fetí sí ìyàtọ̀ tó wà láàárín 15 àti 50 lẹ́nu ọmọ Yorùbá. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ń fi agbára ohùn ya méjèèjì sọ́tọ̀: ìparí ni wọ́n ti ń tẹnu mọ́ 15, ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń tẹnu mọ́ 50, n tó gbẹ̀yìn 15 sì máa ń dún ketekete. Lẹ́nu tiwa, sílébù méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn bákan náà. Ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ la fi ń ya wọ́n sọ́tọ̀, n ìparí yẹn sì ti wọ inú fáwẹ̀lì lọ, ó ti di ìró àránmúpè. Etí Yorùbá kì í ṣì í gbọ́. Ẹ̀rọ tó jẹ́ pé n ketekete àti agbára ohùn ló kọ́ láti máa wá kò rí èyí tó ń wá, á wá mú ọ̀kan nínú méjèèjì. Bí ẹ bá ń yẹ ìwé tí agbọ́rọ̀kọ kọ wò, ibi tí iye owó bá wà ni kí ẹ kọ́kọ́ tẹ́tí sí padà.

Ohun tó fà á ni ohùn àwọn tí wọ́n fi kọ́ ẹ̀rọ. Nínú wákàtí 680,000 tí mo mẹ́nu bà lókè yẹn, wákàtí 117,000 péré ni èdè 96 tí kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì pín láàárín ara wọn nínú ohùn tí wọ́n kọ sílẹ̀ ní èdè tí wọ́n fi sọ ọ́, Yorùbá sì wà lára wọn. Orí ẹ̀rọ ayélujára ni wọ́n ti kó o jọ, ohun tó bá sì pọ̀ níbẹ̀ ló pọ̀ nínú ohun tí ẹ̀rọ mọ̀.

Àwa nìkan kọ́ ni irú èyí ń ṣẹlẹ̀ sí. Lọ́dún 2020, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Stanford gbé ẹ̀rọ agbọ́rọ̀kọ iléeṣẹ́ ńlá márùn-ún yẹ̀ wò: Amazon, Apple, Google, IBM àti Microsoft. Wọ́n fi ohùn àwọn aláwọ̀ dúdú àti àwọn aláwọ̀ funfun tó jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà dán wọn wò. Nínú ọ̀rọ̀ 100, àwọn ẹ̀rọ náà ń ṣi nǹkan bíi 19 gbọ́ lẹ́nu aláwọ̀ funfun, wọ́n sì ń ṣi 35 gbọ́ lẹ́nu aláwọ̀ dúdú. Èdè Gẹ̀ẹ́sì kan náà ni gbogbo wọn ń sọ, orílẹ̀-èdè kan náà ni wọ́n sì ti wá.

Àwọn ọmọ ilẹ̀ wa ti ń ṣiṣẹ́ lórí èyí. Lọ́dún 2023, Tobi Olatunji àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé AfriSpeech-200 jáde: wákàtí 200 Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn èèyàn 2,463 láti orílẹ̀-èdè Áfíríkà 13 fi ahọ́n ìlú wọn sọ, oríṣi ahọ́n 120 ló sì wà níbẹ̀. Apá kan nínú rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ ìṣègùn. Ẹ̀rọ tí wọ́n bá fi irú ohùn bẹ́ẹ̀ kọ́ ní àkọ́tunkọ́ máa ń gbọ́ wa dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Yorùbá fúnra rẹ̀ náà kì í ṣe ahọ́n kan ṣoṣo. Àwọn olùwádìí tó ṣe YORÙLECT lọ́dún 2024 gba ohùn Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ìlàjẹ sílẹ̀ pẹ̀lú Yorùbá àjùmọ̀lò, wọ́n sì rí i pé ẹ̀rọ tó ń ṣe dáadáa lórí Yorùbá àjùmọ̀lò máa ń kọsẹ̀ tó bá dé ọ̀dọ̀ àwọn yòókù, àfi tí wọ́n bá fi ohùn wọn kọ́ ọ.

Níbi tí èdè méjèèjì ti pàdé

Ẹnì kan lè rò pé tí ẹ̀rọ bá gbọ́ Yorùbá, tó sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu Yorùbá, àmúlùmálà kò ní le fún un mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó bá wọ inú gbólóhùn Yorùbá máa ń tẹ̀ lé òfin ilé tó wọ̀. A máa ń sọ pé "mo ti sẹ́ǹdì ẹ̀," "ó ń dísítọ́ọ̀bù mi," "wọ́n á kánsù ẹ̀." Ọ̀rọ̀-ìṣe náà kì í yí padà nítorí pé ìṣẹ̀lẹ̀ ti kọjá, bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń yí tirẹ̀. "Ti," "ń" àti "á" tó wá láti inú Yorùbá ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Nítorí náà, ìmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó wà nínú ẹ̀rọ kò ràn án lọ́wọ́ níbẹ̀, torí pé kò rí ìyípadà tó ń retí. Ìmọ̀ Yorùbá rẹ̀ náà kò ràn án lọ́wọ́, torí pé kò mọ ọ̀rọ̀-ìṣe tó ń jẹ́ sẹ́ǹdì.

Ìpàdé fáwẹ̀lì tún dá kún un. Tá a bá ń yára sọ̀rọ̀, "sẹ́ǹdì ẹ̀" máa ń di "sẹ́ǹdẹ̀ẹ̀," kò sì sí ibi tí etí lè gé e sí méjì. Àwa mọ̀ ọ́n gé torí pé a mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ẹ̀rọ ní láti ti gbọ́ irú rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà kó tó lè gé e.

Níbo ni ì bá ti gbọ́ ọ? Iléeṣẹ́ Meta gbé MMS jáde lọ́dún 2023, ó ń gbọ́ èdè tó lé ní 1,100, Yorùbá wà lára wọn. Iṣẹ́ ńlá ni, mi ò sì fojú kéré rẹ̀. Ṣùgbọ́n kíka Májẹ̀mú Tuntun sókè ni wọ́n fi kọ́ ọ jù lọ. ÌròyìnSpeech tí Tolulope Ogunremi, Kọ́lá Túbọ̀sún àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ṣe lọ́dún 2023 dára gan-an: wákàtí bíi 42 ni, àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni 80 ló ka gbólóhùn tí wọ́n yọ láti inú ìròyìn àti ìtàn, ẹ̀rọ tí wọ́n fi kọ́ sì ń ṣi nǹkan bíi ọ̀rọ̀ 24 nínú 100 gbọ́. Ẹ kíyè sí i pé kíkà ni méjèèjì. Ẹni tó bá ń ka Bíbélì tàbí ìròyìn sókè máa ń pe ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan délẹ̀, Yorùbá tó mọ́ ló sì ń kà. Kò sí tiráńsífà níbẹ̀, kò sí àlẹ́ẹ̀tì. Ọmọ tí wọ́n bá tọ́ sí inú ilé ìwàásù nìkan kò ní mọ bí wọ́n ṣe ń ná ọjà ní Bódìjà, ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ yìí náà nìyẹn. Ní Kétu àti Sábẹ̀ ní ilẹ̀ Benin ńkọ́, níbi tó jẹ́ pé Faransé ni wọ́n ń dà pọ̀ mọ́ Yorùbá? Ohùn àmúlùmálà tí a bá gbà ní Èkó kò ní tó wọn lò.

Báwo la ṣe fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ gan-an?

Kí a tó dá ẹ̀rọ lẹ́bi tán, ó yẹ ká bi ara wa ní ìbéèrè yìí. Ẹni méjì tó bá jókòó ti ohùn kan náà lè kọ "akáǹtì," kí ẹnì kejì kọ ọ́ bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń kọ ọ́. Ọ̀kan á fi àmì ohùn sí gbogbo ọ̀rọ̀, èkejì ò ní fi sí ẹyọ kan. Ọ̀kan á kọ iye owó ní nọ́ńbà, èkejì á kọ ọ́ ní ọ̀rọ̀. Tí irú ìwé mẹ́ta mẹ́rin bẹ́ẹ̀ bá wọ inú ohun tí a fi ń kọ́ ẹ̀rọ, ohun tí ẹ̀rọ náà máa kọ́ ni pé kò sí bí wọn ò ṣe lè kọ ọ́. Ó máa wá ń kọ ọ́ báyìí lónìí, kó kọ ọ́ bọ́hùn-ún lọ́la.

Lórí èyí, èmi fara mọ́ kí ọ̀rọ̀ tó ti fìdí kalẹ̀ bíi fóònù, bọ́ọ̀sì àti ṣọ́ọ̀ṣì gba ìkọsílẹ̀ Yorùbá nínú ìwé tí wọ́n fẹ́ fi kọ́ ẹ̀rọ, kí èyí tó jẹ́ àlejò tuntun gba ìkọsílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn èèyàn á ṣe wá a tí wọ́n bá ń wá nǹkan nínú ìwé náà. Ẹlòmíràn lè yàn láti kọ gbogbo rẹ̀ ní Yorùbá, kò burú. Ohun tó burú ni kí wọ́n má yan ìkankan, kí wọ́n má sì kọ àdéhùn náà sílẹ̀ ní ojú ìwé kan tí gbogbo akọ̀wé á máa wò.

Àrùn kan tún wà tí ojú kì í rí. Lẹ́tà "ọ́" tí ẹ ń wò yìí, ó ju ọ̀nà kan lọ tí kọ̀ǹpútà lè gbà tọ́jú rẹ̀. Ó lè jẹ́ ọ tó ní àmì nísàlẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí a wá fi àmì òkè lé. Ó lè jẹ́ o lásán tí a fi àmì méjèèjì lé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó sì lè jẹ́ ó tó ní àmì òkè tẹ́lẹ̀, tí a wá fi àmì ìsàlẹ̀ sí. Ojú èèyàn kò rí ìyàtọ̀ kankan. Ẹ̀rọ tó ń ka àṣìṣe á sọ pé lẹ́tà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, á sì ka ọ̀rọ̀ tó tọ̀nà sí àṣìṣe. Ẹni tó bá ń lo Python lè fi ìlà méjì yìí sọ gbogbo wọn di ọ̀kan kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kankan:

```
import unicodedata
s = unicodedata.normalize("NFC", s)
```

Bí a ṣe ń wọn àṣìṣe

Ọ̀nà tí wọ́n sábà ń gbà wọn agbọ́rọ̀kọ ni kí wọ́n gbé ohun tó kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí èèyàn kọ. Wọ́n á ka ọ̀rọ̀ tó fi òmíràn rọ́pò, èyí tó fò, àti èyí tó kún un tí ẹnikẹ́ni kò sọ. Wọ́n á ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, wọ́n á sì pín in sí iye ọ̀rọ̀ tó yẹ kó wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sí gbólóhùn ọlọ́rọ̀ ogún yẹn. Ká ní ẹ̀rọ kan gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ Yorùbá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó wà níbẹ̀ láìṣì kan, tó sì ṣi márààrún tó wá láti inú Gẹ̀ẹ́sì gbọ́. Àṣìṣe márùn-ún nínú ogún ni, ìyẹn 25 nínú 100. Fún Yorùbá, ẹni tó gbọ́ ìyẹn á ní ó dáa. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ya èdè méjèèjì sọ́tọ̀, òdo ni àṣìṣe rẹ̀ lórí Yorùbá, 100 nínú 100 sì ni lórí Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó fẹ́ fi ìwé yẹn sanwó kò rí nǹkan kan mú níbẹ̀. Nítorí náà, ẹ má ṣe gba nọ́ńbà kan ṣoṣo lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá ń ta agbọ́rọ̀kọ fún yín. Ẹ ní kó ka àṣìṣe orí Yorùbá lọ́tọ̀, orí Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀, kó sì ka ti ọ̀rọ̀ tó wà gan-an níbi tí èdè ti yí padà lọ́tọ̀. Ẹ ní kó tún un kà lẹ́ẹ̀kejì lẹ́yìn tó bá yọ àmì ohùn òkè kúrò, tó fi àmì abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ sílẹ̀. Tí àṣìṣe bá wá já wálẹ̀ gan-an, a jẹ́ pé ẹ̀rọ náà ń gbọ́ ọ̀rọ̀, àmì ohùn ni kò mọ̀ ọ́n fi síbi tó yẹ, ìtọ́jú ìyẹn sì yàtọ̀ sí ti ẹni tí kò gbọ́ rárá.

Ohun tí èèyàn lè ṣe lónìí

Ẹni tó jẹ́ pé fóònù nìkan ló ń lò, kó kọ́kọ́ wo èdè tí wọ́n yàn fún un nínú ètò ìfohùnkọ̀wé. Ọ̀pọ̀ fóònù ló dé láti ilé ìtajà pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì Amẹ́ríkà tàbí ti Ìlú Ọba. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì jù, tó kàn ń fi orúkọ Yorùbá sí i, kó yan `English (Nigeria)` tó bá wà níbẹ̀. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ Yorùbá jù, kó yan Yorùbá. Kó gbé ẹnu sún mọ́ maikirofóònù, kó sì jìnnà sí jẹnẹrétọ̀. Kó má ṣe máa fa Gẹ̀ẹ́sì ya bíi ti Òyìnbó nítorí ẹ̀rọ, torí pé ahọ́n tí kò mọ́ ọn lára máa ń mú àṣìṣe tuntun wá. Ohun tó ń ṣèrànwọ́ ni kó dín ìyára kù díẹ̀ níbi tí èdè ti ń yí padà. Ìpè fóònù tí wọ́n gbà sílẹ̀ máa ń le fún agbọ́rọ̀kọ ju ohùn Wasáàpù lọ, nítorí pé ọ̀nà ìpè ti àtijọ́ kì í gbé ìró tó bá ga ju nǹkan bíi 3,400 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ibẹ̀ sì ni èyí tó pọ̀ nínú ohun tó ya s sọ́tọ̀ sí f wà.

Ẹni tó ní kọ̀ǹpútà, bí akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó fẹ́ kọ ìpàdé sílẹ̀ tàbí oníròyìn tó gba ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kó gé ohùn náà síbi tí àwọn èèyàn ti dánu dúró, kí ègé kọ̀ọ̀kan má ju ìṣẹ́jú àáyá 30 lọ. Èyí á jẹ́ kó lè yan èdè fún ègé kọ̀ọ̀kan, àṣìṣe inú ègé kan kò sì ní ran èyí tó tẹ̀ lé e. Kó yọ ibi tí kẹ́kẹ́ ti pa kúrò pátápátá, torí pé Whisper máa ń hùmọ̀ ọ̀rọ̀ sí ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà, kó kọ gbólóhùn kan méjì tó jọ irú ọ̀rọ̀ tó wà nínú ohùn náà, kó fi ṣe ìtọ́kasí fún ẹ̀rọ:

```
ffmpeg -i ohun.opus -ac 1 -ar 16000 ohun.wav
whisper ohun.wav --model large-v3 --language yo --task transcribe --initial_prompt "Ẹ bá mi transfer owó sí account. Mo ti send ẹ̀, alert ò wọlé."
```

Ohun tí ìtọ́kasí yìí ń ṣe ni pé ó jọ lójú ẹ̀rọ bí ohun tí òun fúnra rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ tán. Ẹ rántí pé ohun tó ti kọ wà lára ohun méjì tó ń gbé yẹ̀ wò. Tó bá rí "ẹ bá mi transfer" lẹ́yìn ara rẹ̀, kò ní yà á lẹ́nu mọ́ tí irú rẹ̀ bá tún dé. Orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti ti àdúgbò náà lè wọ ibẹ̀. Àmọ́ ààyè náà kò pọ̀: ègé 224 ló mọ, Yorùbá tó ní àmì sì máa ń tètè jẹ ẹ́ tán, nítorí pé ègé tí ọ̀rọ̀ tiwa ń gbà pọ̀ ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ. Ìtọ́kasí náà kì í ṣe àṣẹ. Bí ohùn náà kò bá já gaara, ẹ̀rọ lè kọ ọ̀rọ̀ tó wà nínú ìtọ́kasí síbi tí ẹnikẹ́ni kò ti sọ ọ́, nítorí náà, ọ̀rọ̀ tó bá wà nínú rẹ̀ ni kí ẹ fi etí yẹ̀ wò jù nígbà tó bá parí.

Gbogbo èyí kò lè mú ẹ̀rọ mọ ohun tí kò gbọ́ rí. Ẹgbẹ́, ilé ẹ̀kọ́ tàbí iléeṣẹ́ rédíò tó bá fẹ́ kó mọ̀ ọ́n ní láti gba ohùn àwọn èèyàn sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ bó ṣe wà lẹ́nu wọn, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda wọn, kí wọ́n fi àdéhùn ìkọsílẹ̀ kan ṣoṣo kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n sì fi kọ́ ẹ̀rọ tó ti mọ nǹkan tẹ́lẹ̀ ní àkọ́tunkọ́. Wákàtí díẹ̀ irú ohùn bẹ́ẹ̀ máa ń ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ wákàtí kíkà kò lè ṣe fún àmúlùmálà. Kí wọ́n ya àwọn kan sọ́tọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ fún ìdánwò: ìyálọ́jà kan, awakọ̀ kan, akẹ́kọ̀ọ́ kan, ará Èkìtì kan, ará Ìjẹ̀bú kan, tí ohùn wọn kò wọ inú ohun tí wọ́n fi kọ́ ẹ̀rọ rárá. Bí ohùn ẹni kan náà bá wà ní apá méjèèjì, máàkì tí ẹ̀rọ náà máa gbà á ga gan-an, ọjọ́ tí àlejò bá kọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀ ni àṣírí á tú.